Ọfà pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: bí a ṣe lè kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn láti ka iye àwọn tó wá lọ́sẹ̀

Nọ́ńbà kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ojú táblẹ́ẹ̀tì ló wà, ọfà pupa tó dorí kodò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: -23%. Ọ̀gá á bi àwọn nọ́ọ̀sì pé ta ló lé aláìsàn lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì á ní àwọn ò lé ẹnikẹ́ni, pé èrò ò tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn rójú jẹun. Òótọ́ ni tàwọn méjèèjì. Èrò pọ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà náà sì wálẹ̀ lóòótọ́, àfi ká mọ bí méjèèjì ṣe lè ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Èkìtì jókòó, kó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń ka dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀. Ìjókòó kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú 90. A ti pín àkókò náà sí abẹ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Nọ́ńbà tó wálẹ̀ la gbájú mọ́, torí òun ló ń dẹ́rù bani jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì kà jù.

## Kí ni dáṣíbọ́ọ̀dù?

Ara ọkọ̀ ni orúkọ náà ti wá. Iwájú awakọ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù wà, ibẹ̀ ló ti ń rí bí epo ṣe kù àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, láìjẹ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ti ilé ìwòsàn jẹ́ ojú ewé kan lórí táblẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà, tó ń kó ohun tí ẹ ti kọ sínú rẹ́jísítà jọ, tó sì ń fi í hàn bí nọ́ńbà, òpó àti ọfà. Òpó kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí òpó bá ṣe ga tó ni iye àwọn tó wá ṣe pọ̀ tó. Ọfà ń fi ọ̀sẹ̀ yìí wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò gun òkè Ẹfọ̀n rí mọ̀ pé ọwọ́ gééjì epo lè yẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti dorí kọ òkè. Epo kò tán, ó kàn ṣàn lọ sápá kan nínú táǹkì ni. Tí ọkọ̀ bá dé ibi tó tẹ́jú, ọwọ́ gééjì á padà síbi tó wà. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í torí ìyẹn dúró ra epo lágbede méjì òkè. Ohun tí ìjókòó yìí fẹ́ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ni bí yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan wà lórí òkè, kó tó pariwo pé epo ti tán.

## Kí lẹ ó kó sórí tábìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Èèyàn 6 sí 10 ló dáa. Ẹ má fi akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì sílẹ̀, ẹ má sì fi ẹni tó ń fún aláìsàn ní káàdì lẹ́nu ọ̀nà sílẹ̀, torí ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí ni nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, àwọn ìyá á dúró dúró, ọkàn àwọn nọ́ọ̀sì ò sì ní sí lọ́dọ̀ yín.

Rẹ́jísítà gidi ni kí ẹ lò, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá. Ẹ fi ègé páálí bo ìlà orúkọ, kó jẹ́ nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ àti ohun tí wọ́n wá ṣe nìkan ni gbogbo èèyàn á máa rí. Táblẹ́ẹ̀tì kan fún èèyàn mẹ́ta ti tó. Ẹ tún tẹ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù náà sórí bébà ńlá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lọ́jọ́ náà. Kálẹ́ńdà kan àti bírò pupa ló kù.

## Wíwá ni wọ́n kà, àbí orí?

Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ lò nídìí èyí. Ẹ bi wọ́n léèrè pé: bí ẹnì kan bá jẹ iyán lọ́dọ̀ olóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èèyàn mélòó ló jẹun níbẹ̀? Olóúnjẹ á ní abọ́ mẹ́ta lòun tà. Ẹni tó bá ka oníbàárà á ní ẹnì kan ni. Kò sẹ́ni tó ṣìṣe nínú wọn, ohun tí wọ́n ń kà ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí `Visits`, wíwá ni wọ́n kà, ìyẹn iye ìgbà tí ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí `Clients`, orí ni wọ́n kà, kálukú lẹ́ẹ̀kan péré, ì báà wá nígbà mẹ́wàá.

Ẹ ṣí ojú ewé rẹ́jísítà kan tó ní ìlà 20 tó kún. Ẹ ní kí wọ́n ka ìlà, kí wọ́n sì wá nọ́ńbà káàdì tó fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ká ní káàdì kan fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Wíwá 20 ni, ṣùgbọ́n èèyàn 17 ni. Ẹ jẹ́ kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kà á, kí ẹ tó sọ ìdáhùn.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì fún nọ́ńbà tó wálẹ̀ nìyí. Ẹni tó ní egbò ẹsẹ̀, tó ń wá pààrọ̀ báńdéèjì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wíwá 5 lòun nìkan ń mú wá lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí egbò rẹ̀ bá jinná, 5 á yọ kúrò nínú `Visits`. Ọfà á pupa, iṣẹ́ yín ló sì ṣe é pupa, torí ẹ wo egbò sàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń da gbogbo rẹ̀ rú: `New`. Ẹnì kan á kọ ọ́ fún ẹni tí kò gba káàdì níbẹ̀ rí. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ fún ẹni tó ti ní káàdì tipẹ́, ṣùgbọ́n tó gbé àìsàn tuntun wá. Bí nọ́ọ̀sì àárọ̀ bá ń kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ti ọ̀sán ń kọ ọ́ lọ́nà kejì, nọ́ńbà `New` yóò máa gòkè sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe pín iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ wo ohun tí ìtọ́sọ́nà iwájú rẹ́jísítà sọ, kí gbogbo yín kà á sókè, kí ẹ sì fi bírò pupa kọ ìtumọ̀ náà ní Yorùbá sí ẹ̀yìn páálí rẹ́jísítà.

## Ṣé ọ̀sẹ̀ náà ti pé?

Ẹ fún èyí ní ìṣẹ́jú 20. Ọ̀sẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sì ń parí lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ìlera ní Nàìjíríà dúró lórí DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń gba àkọsílẹ̀ ìlera jọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Níbẹ̀, nọ́ńbà ni ọ̀sẹ̀ ń jẹ́: `2025W24` ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2025, láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka wá a lórí kálẹ́ńdà.

Bí ẹ bá ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òpó tó kẹ́yìn á kúrú. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tó sì dúró ti èyí tó ní ọjọ́ méje. Ẹ má fi wé ara wọn. Ẹ fi bébà bo òpó tó kẹ́yìn títí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ yóò fi parí.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ lè parí lórí kálẹ́ńdà kó má tíì parí nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn máa ń gbà ṣẹlẹ̀.

Èkíní ni pé ohun tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ sínú táblẹ́ẹ̀tì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, inú táblẹ́ẹ̀tì yẹn ló ṣì wà. Kò tíì lọ síbi kankan títí ẹ ó fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹ ó sì tẹ `Sync`. Bí táblẹ́ẹ̀tì méjì bá wà, tí ọ̀kan kò tíì fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lè má hàn.

Èkejì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ohun tí ẹ ti fi ránṣẹ́ pàápàá kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. DHIS2 máa ń ṣa àwọn nọ́ńbà jọ ní àkókò tí wọ́n bá dá fún un kó tó gbé wọn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, òru sì ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lè di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ tó rí i. Nǹkan tó ń bí ìṣòro níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kò rí nọ́ńbà rẹ̀, ó rò pé kò lọ, ó tún un tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti di méjì. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta ló burú jù nínú wọn. Ká ní èrò pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ewé rẹ́jísítà kún, kò sẹ́ni tó ráyè tẹ̀ ẹ́ sínú táblẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ajé ni akọ̀wé wá ń tẹ̀ ẹ́. Táblẹ́ẹ̀tì ti gbé ọjọ́ òní sílẹ̀ fún un, òun náà kò sì yí i padà sí ọjọ́ tí aláìsàn wá. Àwọn 34 tó wá lọ́jọ́ Ẹtì ti bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tuntun nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó lọ á fi 34 dín, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á fi 34 lé.

Àmì rẹ̀ hàn gbangba fún ẹni tó bá mọ ibi tó máa wò. Òpó kan á kúrú, èyí tó tẹ̀ lé e á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá sì ṣí iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ Ẹtì á jẹ́ 0, ọjọ́ Ajé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì bó ṣe máa ń rí. Rẹ́jísítà ni ẹlẹ́rìí. Ẹ ka ìlà ọjọ́ Ẹtì nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbi ìjókòó yìí, kí èèyàn méjì méjì mú ọjọ́ kan, kí wọ́n ka ìlà rẹ́jísítà rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá dáṣíbọ́ọ̀dù gbà pẹ̀lú wọn. Bí ìyàtọ̀ bá wà, rẹ́jísítà ni kí ẹ gbà, dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ tún ṣe.

## Ọjọ́ mélòó ni ẹ ṣílẹ̀kùn?

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò tó pọ̀ jù, ìṣẹ́jú 25. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á rántí àwọn ìsinmi rẹ̀.

Ọdún Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Ìjọba àpapọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 9. Ọjọ́ 12, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, jẹ́ àyájọ́ ìjọba tiwantiwa, ìsinmi ni òun náà. Ẹ kà á lórí kálẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ `2025W22` ní ọjọ́ iṣẹ́ 5. `2025W23` ní 4. `2025W24` ní 3 péré: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì.

Ká wá mú ilé ìwòsàn kan tí ẹ̀ka tó ń wo àwọn tó wá tí wọ́n sì padà sílé kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi. A fi àwọn nọ́ńbà yìí ṣe àpẹẹrẹ:

| Ọ̀sẹ̀ | Wíwá | Ọjọ́ tí a ṣí | Lójúmọ́ |
|---|---|---|---|
| `2025W22` | 149 | 5 | 29.8 |
| `2025W23` | 124 | 4 | 31.0 |
| `2025W24` | 96 | 3 | 32.0 |

Ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù á sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni pé 124 ti di 96. Ó dín 28. Ẹ pín 28 sí ọ̀nà 124, kí ẹ sọ ọ́ di ìpín nínú ọgọ́rùn-ún: -23% nìyẹn. Ọfà pupa dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ "Lójúmọ́" nínú àtẹ náà. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, èèyàn tó wọlé pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ní èrò ò jẹ́ kí àwọn rójú kò purọ́.

Kí ló mú kó ròkè lójúmọ́? Ẹni tí orí ń fọ́ lọ́jọ́ Ajé ìsinmi, tó rí i pé wọ́n ti tìlẹ̀kùn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá. Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn tó ti ń dúró máa ń rọ́ wọlé papọ̀. Nítorí náà, 32 kò tíì tó láti sọ pé àìsàn ń pọ̀ ní ìlú. Ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ kan tó ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò tí kálukú gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò ju pípín lọ: ẹ pín wíwá sí iye ọjọ́ tí ẹ ṣí. Bí akọ̀wé bá ń lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, tí wíwá wà ní `B2`, tí iye ọjọ́ sì wà ní `C2`, èyí tó:

```
=B2/C2
```

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye ojúmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kọjá sílẹ̀ ní ìlà kan. Ẹ fi bírò pupa yí èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù po. Bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, bí nǹkan ṣe máa ń rí ni, ì báà jẹ́ ọfà pupa ni ẹ rí. Bí ó bá yọ sísàlẹ̀ èyí tó kéré jù, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí wọ́n máa ń ṣe níbí. Aboyún tó bí lóru ọjọ́ ìsinmi wà nínú rẹ́jísítà, nítorí náà ẹnì kan á ní ilé ìwòsàn ṣí lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìgbẹ̀bí kì í sinmi, a ò sì gbọdọ̀ da á pọ̀ mọ́ èyí. Ẹ̀ka tí ẹ ń ka wíwá rẹ̀ ni kí ẹ ka ọjọ́ tó ṣí.

## Kí ni ọjà ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Kò sí nínú ìwé tí wọ́n bá dáṣíbọ́ọ̀dù wá, ṣùgbọ́n ní ìlú tí ọjà ọrọọrún wà, òun ló yẹ kí ẹ wò lẹ́yìn ìsinmi. Ìṣẹ́jú 15 tó o.

Bí ọjà bá kó lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ ka ọjọ́ náà mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọjà kó nígbà méjì lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú àti Àìkú, lọ́sẹ̀ kẹrin Ọjọ́bọ̀ nìkan, kó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèje lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó sì jẹ́ pé a kì í ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin ló ní ọjọ́ ọjà méjì tó bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ká ní ará oko máa ń wọ̀lú lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n sì máa ń yà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó padà, tó fi jẹ́ pé 45 ló ń wá lọ́jọ́ ọjà, 27 lọ́jọ́ yòókù. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jà méjì á jẹ́ 90 àti 81, àpapọ̀ 171. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jà kan á jẹ́ 45 àti 108, àpapọ̀ 153. Láti 171 sí 153, dáṣíbọ́ọ̀dù á ní -11%. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á tún sọ ohun kan náà, bí aago. Ìsinmi kò sí, aláìsàn kò dín, ọjà ló sún.

Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: àwọn obìnrin wà nídìí igbá lọ́jà, ilé ìwòsàn sì dá páropáro. Ẹ má fi àbá mọ èyí tó jẹ́ ti ìlú yín. Ẹ ṣí rẹ́jísítà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ ọjà. Ẹ ó rí ọjọ́ iṣẹ́ 20, 5 nínú wọn á jẹ́ ọjọ́ ọjà, 15 kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ ṣírò iye ojúmọ́ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá kéré, ẹ gbàgbé ọjà. Bí ó bá pọ̀, ẹ kọ ọjọ́ ọjà sórí kálẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ táblẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà máa rí i.

Ó tún kan ọjọ́ abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú, Ọjọ́rú kan nínú mẹ́rin á bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Bí Ọjọ́rú yẹn bá máa ń dá ní gbogbo ìgbà, ẹ ti mọ èyí tó yẹ kí ẹ kéde ọjọ́ mìíràn fún.

## Bí ọfà bá wá jẹ́ ewé ńkọ́?

Ìṣẹ́jú 15 tó kù la ó fi sọ èyí, torí ẹni tó bá kọ́ láti má bẹ̀rù ọfà pupa lè wá gbà pé ọfà tó ní àwọ̀ ewé kò léwu. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ méjì yìí sójú pátákó, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ 5. Lọ́sẹ̀ kìíní, 84 wá fún ibà àti àìsàn yòókù, 28 wá fún ìtọ́jú oyún, 38 wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àpapọ̀ 150. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ti dé, ẹ̀fọn ti pọ̀: 106, 28 àti 17. Àpapọ̀ 151.

Ọfà á ní +1%, àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ọmọ 21 ni kò yọjú fún abẹ́rẹ́. Ibà tó pọ̀ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á yin ara rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wo àpapọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí wọ́n sì fi ṣáájú.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ báyìí, tí ọ̀sẹ̀ ti pé, tí ìsinmi àti ọjà kò sì sí níbẹ̀, ẹ bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ìwé ìgbóná fíríìjì, tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, bóyá ó yẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí wọn kò fi lè lo èyí tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí rẹ́jísítà abẹ́rẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ọmọ tí ọ̀sẹ̀ 6, 10 tàbí 14 wọn pé lọ́sẹ̀ yẹn tí wọn kò sì yọjú, kí ẹ pe àwọn ìyá wọn.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa nọ́ńbà kéékèèké. Bí aboyún 3 bá bí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí 2 bí lọ́sẹ̀ yìí, dáṣíbọ́ọ̀dù á pariwo -33%. Obìnrin kan ni. Bí nọ́ńbà bá ti kéré ju 20 lọ, iye èèyàn ni kí ẹ máa sọ, ẹ fi ìpín nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀.

## Ta ni dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè rí?

Ẹni tí a kò kọ sínú rẹ́jísítà, dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè rí i. Ìyá kan gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wá lọ́jọ́ Ajé fún abẹ́rẹ́ BCG. Ìgò BCG kan gba ọmọ 20. Bí wọ́n bá ti pò ó pọ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó, èyí tó bá kù á di dídànù. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ kan ṣoṣo, kò fẹ́ ṣí ìgò, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́rú, ìgbà yẹn làwọn ọmọ á pọ̀." Ìyá ṣe "Ẹ ṣeun mà," ó gun ọ̀kadà padà sóko. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Bí kò bá padà wá, kò sí òpó tó máa kúrú, kò sí ọfà tó máa pupa.

Ẹ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìwé kékeré kan kí ìjókòó tó tú ká. Ìlà mẹ́rin ni kí wọ́n fà sí i: ọjọ́, ohun tí ẹni náà wá ṣe, ìdí tó fi padà, àti nọ́ńbà fóònù bí ó bá fẹ́ fún yín. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ka àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ fi bírò pupa kọ iye wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọ̀sẹ̀ náà lórí bébà ńlá tó wà lára ògiri. Bí ẹ bá rí 17 nídìí òpó abẹ́rẹ́, tí ẹ sì rí 6 pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé a kò ṣí ìgò fún wọn, ẹ ti mọ mẹ́fà tí ẹ máa kọ́kọ́ pè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.